Ọjọ́ Tí Mo Ṣàlàyé Pọ́n-ùn fún Àwọn Ará Ilé Ọkọ Mi

Èmi ni mo máa ń rántí orúkọ àwọn òkú. Kò sẹ́ni tó fi mí joyè rẹ̀. Nínú agboolé ọkọ mi ní Bẹyẹrúnkà, bí ìpàdé mọ̀lẹ́bí bá fẹ́ parí, Mọ́gàjí á ṣàdúà fún àwọn tó ti lọ, á dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé á máa ṣe àmín. Ṣùgbọ́n Mọ́gàjí ti dàgbà, orúkọ ti ń bọ́ lórí rẹ̀ bí ìgbà tí ewé ń bọ́ lára igi. Èmi ni wọ́n wá fi jókòó sẹ́yìn àga rẹ̀. Màá sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́, òun á fi ohùn ńlá gbé e jáde bí ẹni pé látọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó kú nínú ilé yẹn láti ìgbà tí mo ti ṣe ìyàwó wọ ibẹ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, àti ohun tó ń tà. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan níhìn-ín. Orúkọ òkú, àdúà ni wọ́n fi ń pè é, wọn kì í fi pitàn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni ti oṣù tí wọ́n ní kí n fo orúkọ ọkọ tèmi.

Ọmọ mi obìnrin wà ní Ìlú Ọba. Òun àtàwọn ọmọ ilé wa mélòó kan tí wọ́n jọ wà lọ́hùn-ún máa ń dá owó jọ, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lóṣooṣù, fún àtúnṣe gbọ̀ngàn iwájú agboolé, níbi tí páànù ti jẹrà tí òjò sì ti ń bá wa ṣèpàdé. Ọkọ mi ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe nítorí pé òun ló gbọ́n jù. Òun nìkan ni kì í gbàgbé nọ́ńbà tó fi ń ṣí fóònù rẹ̀. Owó á wọ báǹkì rẹ̀, á lọ gbà á ní Bẹẹrẹ, á gbé e wá sílé nínú àpò agbádá, á kà á níwájú Mọ́gàjí. Ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta náírà ni, bó lé, ó lé díẹ̀, bó dín, ó dín díẹ̀. Nígbà tó yá ló ṣàdédé lọ sókè. Oṣù tó ṣe é kẹ́yìn, ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló gbé wá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ó jọ pé bàbá ti ronú pìwà dà. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí i tí ó sùn tí kò jí.

Mo wọlé opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ọmọ mi dá owó náà dúró títí n ó fi jáde. Báǹkì ti ti àkáǹtì ọkọ mi pa, bí wọ́n ti máa ń ṣe tí ẹni bá kú. Fóònù rẹ̀ náà kú tẹ̀lé e. Mo gbé e lọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n ní ó ti lọ. Mo ní bí ẹni tó ni ín ti ṣe náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó gbọ̀ngàn ránṣẹ́ sí èmi.

Èyí àkọ́kọ́ wọlé nínú ààwẹ̀. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn kan náà. Mo lọ gbà á, mo ń kà á, owó ò tán lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án ó lé! Mo gbé e dé iwájú Mọ́gàjí, inú mi ń dùn, mo rò pé wọ́n á ṣàdúà fún mi. Wọn ò ṣe é. Ọmọ-osú ilé wa ló kọ́kọ́ la ẹnu.

Ẹni tí mo pè ní ọmọ-osú yìí, ọmọ bàbá àgbà ọkọ mi ni. Ó ti fi ilé ọkọ sílẹ̀ tipẹ́, ó padà wá sílé bàbá rẹ̀, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin bíi tèmi, ọmọ ilé ni, ìyàwó ilé ni mí, nítorí náà "ọkọ mi" ni mo ń pè é. Ó ní ọmọkùnrin kan lókè òkun, ṣùgbọ́n kò sọ́jọ́ tí kì í sọ ọ́ pé ọmọ náà ti gbàgbé òun. Ní tòótọ́, àánú rẹ̀ ṣe ìpàdé débi pé wọ́n ní kó má san owó iná mọ́. "Èmi tí mi ò lẹ́ni tí yóò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí mi," bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

"Èmi tí mi ò lẹ́ni tí yóò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí mi," ó ní, "mo kàn fẹ́ bèèrè ni o. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nígbà yẹn. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nísinsìnyí. Ó wá di ìlọ́po méjì kí a tó pa ojú dé. Níbo ni ìdajì kejì ń sùn láti ọjọ́ yìí?"

Ẹ rí i bí ó ti rí. Owó tí mo gbé wá pé pérépéré ni wọ́n fi dá ọkọ mi lẹ́bi nínú sàréè.

Bó bá mọ níbẹ̀, ì bá sàn. Lẹ́yìn Ìtúnu, owó oṣù kejì dé. Náírà ti gbéra díẹ̀ nílẹ̀, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn kan náà wá di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje ó lé díẹ̀. Mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ-osú ka owó náà lójú, ó pàtẹ́wọ́.

"Ìyàwó ti kọ́ṣẹ́! Oṣù kan péré! Ọkọ rẹ̀ ṣì fara balẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀."

Bí mo bá kó púpọ̀ wá, ọkọ mi jalè. Bí mo bá kó díẹ̀ wá, èmi ni. Mo bi ara mi pé iye wo gan-an ni mo lè kó wá tí àwa méjèèjì yóò fi jẹ́ olóòótọ́.

Mọ́gàjí ní kí á fi ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀, àti pé títí tí yóò fi yanjú, kí orúkọ ọkọ mi "dúró ná" nínú àdúà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó sẹ́yìn àga rẹ̀, mo ń sọ orúkọ sí i létí, ti bàbá, ti ẹ̀gbọ́n, ti àbúrò, nígbà tí mo dé ibi tí ó yẹ kí tọkọ mi wà, mo fò ó, bí ẹni fo kòtò. Àmín tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé. Kò sí nínú rẹ̀.

Mo pe ọmọ mi. Ó bínú, ó ní òun yóò kó gbogbo ìwé ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́ wá sórí fóònù. Mo ní, "Ọmọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni ọ́. Bí o bá kó ìwé tó kún ọkọ̀ wá, wọ́n á ní ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Kọ́ mi. Kọ́ mi ní ohun tó ń gbé owó yìí sókè sódò, kí n lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún wọn."

Ó kọ́ mi. Ó kọ́kọ́ kọ́ mi bí òyìnbó, kò yé mi. Mo ní kó sọ ọ́ bí ẹni ń bá oníṣòwò sọ̀rọ̀. Ọṣẹ dúdú ni mo ń tà ní Ọjà'ba, láti kékeré ni mo ti ń bá àdín fà á. Ó ní, "Màámi, pọ́n-ùn gan-an ni àdín." Ilẹ̀kùn ṣí nínú orí mi.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Mo wọ aṣọ tó mọ́, mo kúnlẹ̀ láàárín wọn bí ìyàwó ilé ti í ṣe.

"Dìde, ìyàwó wa," ni Mọ́gàjí wí.

"Ẹ jẹ́ kí n wà níbẹ̀, Bàbá. Bí mo bá dìde, èmi àti orúnkún yìí á tún jọ dúnàádúrà kí n tó kúnlẹ̀ padà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé àpótí fún mi. Mo jókòó. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn kì í dúró lójú kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi, ṣé iye kan náà ni mo ń tà á lójoojúmọ́?"

"Rárá o! Olówó gọbọi ni ẹ́!" ẹnì kan ké láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ṣé. Kí ló ń gbé e lówó lórí? Àdín ni. Bí àdín bá pọ̀ lọ́jà tí èmi àtàwọn olùtà ọṣẹ yòókù ò sì pọ̀, ẹni tó gbé àdín wá á máa pè mí ní ìyá. Bí àdín bá wọ́n tí gbogbo wa sì ń lé e, èmi ni màá máa pè é ní bàbá, bó tilẹ̀ ṣe pé mo bí ọmọ tó jù ú lọ. Pọ́n-ùn bẹ́ẹ̀, dọ́là bẹ́ẹ̀. Ọjà ni wọ́n. Náírà la fi ń rà wọ́n."

Mọ́gàjí tẹ orí síwájú. "Ta ló ń rà á? Èmi ò ra pọ́n-ùn rí láyé mi."

"Ẹ ti rà á, Bàbá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń lò, òkè òkun ló ti wá, dọ́là ni wọ́n fi kó o wọlé. Àlìkámà tí wọ́n fi ṣe búrẹ́dì tí ẹ jẹ láàárọ̀, dọ́là. Ẹni tó ń lọ Mẹ́kà, ẹni tó ń san owó iléèwé ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn tó ń kó ọkọ̀ àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọlé, gbogbo wọn ló ń wá a. Àwọn tó ń gbé e wọlé ò tó wọn: àwọn tó ń ta epo rọ̀bì, àwọn tó ń ta kòkó, àtàwọn ọmọ wa tó ń fowó ránṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn báǹkì á bẹ̀rẹ̀ sí í ná an láàárín ara wọn. Bí olùwá bá pọ̀ ju olùgbéwá lọ, ó di wíwọ́n. Bí olùgbéwá bá pọ̀ díẹ̀, ó dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí t'àná kì í fi jẹ́ t'òní."

"Kí ló dé tó fi dúró lójú kan nígbà ayé ọkọ rẹ?" Akọ̀wé ìpàdé ló bèèrè. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba, kò sì sí ìpàdé tí kì í gbé gègé sẹ́yìn etí wá.

"Ìjọba ló so ó mọ́lẹ̀, bí ẹni so ewúrẹ́. Wọ́n ní iye báyìí ni, kó má kọjá ibẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tú okùn. Ṣé ẹ mọ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ti so pẹ́ ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá tú u?"

"Ó máa ń wọ inú gbàgede aládùúgbò," ni Mọ́gàjí wí. Ewúrẹ́ rẹ̀ náà ló máa ń wọ̀ ọ́.

"Ibẹ̀ ló wọ̀ o. Ó fò láti mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ó ń sá lọ. Ó bá ọkọ mi níbi márùndínlọ́gọ́rùn-ún, ó pàdé mi nínú ààwẹ̀ níbi ọgọ́sàn-án ó lé, ó wá rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó padà sẹ́yìn. Ọkọ mi ò fà á, èmi ò lé e."

Mo rí i pé ó ti ń yé Mọ́gàjí, nítorí ó ń mi orí. Ó gbé ọwọ́ sókè kí ilé dákẹ́.

"Ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi," ó ní. "Àìsí àṣẹ ló fà á. Láti òní lọ, nínú agboolé yìí, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn di ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ ó rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ kín in lẹ́yìn, ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi kún un pé bí báǹkì bá kọ̀, kí á lọ bá ọ̀gá wọn nílé ní Òkè Padre.

"Bàbá," mo ní, "ẹ ti paṣẹ, mo ti gbọ́. Àmọ́ bí ẹ bá jókòó níhìn-ín tí ẹ dá iye lé àdín, obìnrin tó ń ta àdín ní Ọjà'ba ò ní gbọ́. Bó bá sì gbọ́, á ní kí Mọ́gàjí wá fi àṣẹ rẹ̀ po ọṣẹ."

Ẹ̀rín bẹ́. Mọ́gàjí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní kí Akọ̀wé pa á rẹ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ di báyìí.

Akọ̀wé wá dìde, ó yọ bébà kan. Ó ní ẹnu kọ́ ni òun máa fi sọ tòun, pé òun gbéra lọ sí Sábó lọ bá àwọn abókí tó ń ṣẹ́ owó, òun bèèrè iye tí wọ́n ń ta pọ́n-ùn, òun sì ti fi iye náà lu gbogbo owó tó wọlé láti ọdún mélòó kan wá. Iye tó ṣẹ́ kù tí kò délé, bí ó bá kà á, ọkàn wa á gbọgbẹ́.

"Ẹ má kà á," mo ní. "Ìgbà wo lẹ lọ, ẹ̀gbọ́n?"

"Àná."

"Iye tí wọ́n ń tà á lánàá lẹ fi ṣírò èyí tí a gbà lọ́dún tó kọjá. Ṣé bí mo bá ta ọṣẹ fún yín nígbà náà, tí ó wá wọ́n lónìí, ẹ máa wá san àfikún fún mi?"

"Ìyẹn... ọ̀tọ̀ nìyẹn."

"Èkejì, iye tí abókí fi ń tà lẹ bèèrè. Bí ẹ bá gbé pọ́n-ùn lọ bá a pé kó rà á, ó máa sọ iye mìíràn tó kéré sí i. Àárín méjèèjì ló ti ń jẹun. Ẹ̀kẹta, bébà pọ́n-ùn tí a ń fọwọ́ kà ló ń tà, ìta gbangba ló ti ń tà á, olúkúlùkù ló ń dá iye tirẹ̀ lé e. Ti ọmọ mi ò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń fowó ránṣẹ́ á gba pọ́n-ùn lọ́wọ́ ọmọ mi lọ́hùn-ún, á sì san náírà fún wa ní báǹkì níhìn-ín. Iye tó bá fi hàn án lórí fóònù ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ ẹ́, òun ló máa san. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye tirẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn ò gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e kúrò lára iye tí wọ́n fi ra pọ́n-ùn lọ́wọ́ yín. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tó bá ní kí n fún òun lẹ́bùn."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀!" ni ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wí.

Akọ̀wé jókòó. Ó ká bébà rẹ̀ kékeré. Mo rò pé mo ti borí, àṣé ọmọ-osú ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó bọ́ sí àárín.

"Èmi tí mi ò lẹ́ni tí yóò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí mi," ó ní, "ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti ọ̀rọ̀ àdín dùn létí mi. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Àlàyé nìyẹn, ẹ̀rí ńkọ́? Ta ló rí i? Fóònù ọkọ rẹ ti kú. Ọmọ rẹ ò lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Ta ló mọ̀ pé lóṣù tí ọkọ rẹ ṣe é kẹ́yìn, pọ́n-ùn ò ti kọjá iye tó gbé wá?"

Òótọ́ ni. Ibi tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Mo lè ṣàlàyé dòru, kò sẹ́ni tó máa bá mi jẹ́rìí sí i. Mo rí Mọ́gàjí tó gbójú sílẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n máa ní kí á fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ohun tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run nínú ilé yẹn, kì í tún padà wá sínú àdúà.

Ohun tó kù lẹ́nu mi ni mo sọ. "Ọkọ mi, ohun tó gbà náà ni mo mọ̀. Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Bí iye rẹ̀ ti rí lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn."

"Irọ́!" ó gbé e, ó nàka sí mi lójú. "Ẹ gbọ́ irọ́ ìyàwó yìí! Bí iye rẹ̀ ti rí lọ́sẹ̀ yẹn! Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún péré ni! Ọjọ́ kejì, lọ́jọ́ Ẹtì, ló tó di márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Nígbà tí ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún! Mo sọ fún ọmọ náà, mo ní ní sùúrù, jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé, kò gbọ́, ó lọ ń tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́bọ̀, ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mi ṣòfò gbáà—"

Ó dúró. Ìka rẹ̀ ṣì wà lójú mi.

Mọ́gàjí yí ọrùn díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ wo?" ó bèèrè.

Ọmọ-osú wo òkè. Ó wo páànù tó jẹrà bí ẹni tó fẹ́ kí òjò rọ̀.

"Ọmọ... ọmọ kan ni."

"Ọmọ kan tó ń fi ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí ọ," ni Mọ́gàjí wí. "Ìwọ tí o ò lẹ́ni."

"Kì í ṣe oṣooṣù!"

Ẹ̀rín tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ lórí òkè Mápó. Akọ̀wé, tí ojú ti ń tì láti ẹ̀ẹ̀kan, ti fa gègé yọ, ó ń bèèrè oṣù tí kò ti san owó iná mọ́. Ẹni ẹnu ọ̀nà ní kí wọ́n yé bú u, pé òun ló yẹ kí báǹkì gbà síṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó mọ iye pọ́n-ùn lọ́jọ́ dé ọjọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń ṣírò. Ọjọ́bọ̀, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì, márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì láàárọ̀ ni ọmọ mi tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ náà ni ọkọ mi lọ gbà á. Ó ní láti sáré kí ìrun Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mo bá a wá bàtà. Pérépéré ló gbé wá.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo ní, "Ọjọ́ Ẹtì ni. Ẹ gbọ́ iye ọjọ́ Ẹtì lẹ́nu ẹni tó fẹ̀sùn kàn án."

Mọ́gàjí fi ọwọ́ gbo ojú. "Ó tó," ó ní. "Àǹfàní ò sí nínú kí á máa wá ìdajì kejì mọ́. Ọmọ-osú ti rí i fún wa." Ó gbé ọwọ́ sókè fún àdúà.

Mo dìde lórí àpótí, mo lọ sẹ́yìn àga rẹ̀. Mo ń sọ orúkọ, ó ń pè é. Bàbá àgbà. Ìyá àgbà. Àwọn ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó kú ní kékeré. Mo dé ibẹ̀, mo dákẹ́.

"Ó kù," ni Mọ́gàjí wí láì yíjú. "Sọ ọ́."

Ẹnu mi ò là á. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn ní wúńdíá, mi ò pe ọkọ mi lórúkọ rí. Ìyàwó kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ayé tiwa. Kí wọ́n tó ní kí orúkọ rẹ̀ dúró ná, Mọ́gàjí kì í nílò pé kí n sọ ọ́, torí òkú tuntun ni, ó ṣì ń rántí. Àṣé oṣù kan péré tí a fò ó ti tó láti gbé e kúrò lórí rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi ni, Bàbá," mo sọ sí i létí.

"Mo mọ̀. Gbogbo wọn ló jẹ́ bàbá ọmọ. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Gbogbo ilé ń wò mí. Ọwọ́ Mọ́gàjí ṣì wà lókè, ó ń dúró dè mí. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo òkú ilé, ti ẹyọ kan yẹn ni mi ò lè sọ.

Ọmọ-osú ló sọ ọ́. Kò dìde, kò sì wo ẹnì kankan. Ó pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, ó fi ti bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó wá fi oríkì rẹ̀ kún un, oríkì tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi ti kú. Ọmọ ilé nìkan ló mọ̀ ọ́n pè bẹ́ẹ̀. Mọ́gàjí gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó pè é sókè. Àmín tó tẹ̀ lé e mi páànù.

Mo jókòó sílẹ̀ sí ibi tó sún mọ́ mi jù, ẹ̀gbẹ́ ọmọ-osú náà ni. Mo ń sunkún, mo sì ń fi etí gèlè nu ojú. Ó sún mọ́ mi, ó fi ìgúnpá gún mi.

"Ìyàwó," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti èèrà lọ, wọ́n ṣì ń ṣàdúà, "iléeṣẹ́ wo ni ọmọ tìẹ fi ń fowó ránṣẹ́? Èyí tí tèmi ń lò, wọ́n ń rẹ́ mi jẹ."